Bá a ṣe ń wá ìwọ̀n tó máa jẹ́ kí rísíkì ṣíà méjì kéré jù lọ

Ká ní ẹ ní ₦500,000 lọ́wọ́, ẹ sì ti mú ṣíà méjì tẹ́ẹ fẹ́ rà, ọ̀kan jẹ́ ti báǹkì, èkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ohun tó kù ni pé eélòó lẹ máa fi sí èyí, eélòó lẹ máa fi sí ìyẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn là á sí méjì dọ́gba-dọ́gba kó lè tètè tán. Àwọn míì á ní báǹkì yẹn ń fò sókè-sódò jù fún àwọn, kí gbogbo owó yáa lọ sórí sìmẹ́ǹtì tó ń rọra rìn jẹ́jẹ́. Nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ ṣe yìí, àtẹni tó là á sí méjì àtẹni tó kó gbogbo ẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ló gbé rísíkì tí kò yẹ kó gbé. Ìwọ̀n kan wà láàárín tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá fi díẹ̀ lára ṣíà tó ń fò yẹn kún èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́, àpapọ̀ wọn á rọra rìn ju sìmẹ́ǹtì nìkan lọ. Ìwọ̀n yẹn la fẹ́ wá.

Harry Markowitz ló fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1952, ó sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín o, tó bá jẹ́ ṣíà méjì péré, bírò àti bébà ti tó, nọ́ńbà mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ dá lé.

Àwọn nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ yìí, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀ kí ìṣirò lè mọ́ lẹ́nu, wọn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan lórí NGX, ọjà ṣíà ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ má lọ fi ra nǹkan. Oṣù mẹ́fà péré ni mo sì lò, èyí tó kéré gan-an ni, mo máa padà sórí ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá èrè oṣooṣù

Ẹ ò ní lo iye tí wọ́n ń ta ṣíà gan-an, èrè oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ máa lò. Ẹ mú iye tí wọ́n tà á lópin oṣù yìí, ẹ yọ iye tí wọ́n tà á lópin oṣù tó kọjá kúrò, tí wọ́n bá san dífídẹ́ǹdì nínú oṣù yẹn ẹ fi kún un, kẹ́ẹ wá pín in sí iye tí wọ́n tà á lóṣù tó kọjá yẹn. Tó bá jẹ́ ₦40 lóṣù tó kọjá tó wá di ₦43.20, èrè ẹ̀ jẹ́ pasẹ́ǹtì 8 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ dífídẹ́ǹdì yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fò. Báǹkì tó bá san dífídẹ́ǹdì tó tóbi, iye ṣíà ẹ̀ sábà máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ tó yẹ kéèyàn ti ní i lọ́wọ́ bá kọjá, torí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ìyẹn ò ní rí dífídẹ́ǹdì yẹn gbà. Tẹ́ẹ bá wo iye nìkan, ẹ máa rò pé ṣíà yẹn ti ṣubú, nígbà tó jẹ́ pé owó ń bọ̀ wá sí àkáǹtì àwọn tó ti ní i. Ti bónọ́ọ̀sì ṣíà tún burú jùyẹn lọ. Tí ilé iṣẹ́ kan bá fún yín ní ṣíà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ ní, tí iye ẹ̀ wá ti ₦50 bọ́ sí ₦25, ẹ ò pàdánù kọ́bọ̀, àmọ́ nínú ìṣirò yín ó máa dà bíi pé pasẹ́ǹtì 50 ti wọmi lóṣù kan ṣoṣo, fáríánsì ẹ̀ á sì wú débi tẹ́ẹ ò fi ní fún ṣíà náà ní nǹkan kan mọ́. Torí náà tẹ́ẹ bá rí oṣù kan tí nọ́ńbà ẹ̀ dá yàtọ̀ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá bónọ́ọ̀sì ni wọ́n fúnni tàbí wọ́n pín ṣíà náà sí wẹ́wẹ́, kẹ́ẹ tó gbà á gbọ́.

Èrè oṣù mẹ́fà tiwa rèé, ní pasẹ́ǹtì:

| Oṣù | Báǹkì | Sìmẹ́ǹtì |
|---|---|---|
| 1 | 8 | 6 |
| 2 | -4 | 1 |
| 3 | 6 | -3 |
| 4 | -2 | -1 |
| 5 | 10 | 4 |
| 6 | 0 | 5 |

Àròpín ti báǹkì jẹ́ 3, ti sìmẹ́ǹtì jẹ́ 2.

Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́: fáríánsì ṣíà kọ̀ọ̀kan

Fáríánsì ló ń sọ bí èrè ṣe ń jìnnà sí àròpín ara ẹ̀ tó. Ẹ yọ àròpín kúrò lára oṣù kọ̀ọ̀kan. Ti báǹkì, tẹ́ẹ bá yọ 3 kúrò, ó máa kù 5, -7, 3, -5, 7, -3. Ti sìmẹ́ǹtì, tẹ́ẹ bá yọ 2 kúrò, ó máa kù 4, -1, -5, -3, 2, 3. Ẹ ro ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí kò bá jẹ́ òdo, ẹ ti ṣi àròpín ṣe nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn.

Ó kan kẹ́ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po ara ẹ̀, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, -7 lọ́nà -7 jẹ́ 49, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa bá a lọ, kẹ́ẹ wá rò wọ́n pọ̀. Ti báǹkì jẹ́ 166, ti sìmẹ́ǹtì jẹ́ 64. Oṣù mẹ́fà la lò, a máa yọ ọ̀kan kúrò torí pé inú àwọn nọ́ńbà yìí kan náà la ti fa àròpín yọ, ó ku 5, òun la máa fi pín in. Báǹkì: 166 tá a pín sí 5 jẹ́ 33.2. Sìmẹ́ǹtì: 64 tá a pín sí 5 jẹ́ 12.8.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí i lójú pasẹ́ǹtì tó yé èèyàn, ẹ wá sikúẹ̀-rúùtù wọn. Ti báǹkì jẹ́ 5.76, ti sìmẹ́ǹtì jẹ́ 3.58. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sitáńdáàdì difiéṣọ̀n, òun la sì fi ń díwọ̀n rísíkì níbí. Lójú ẹni tó bá wò ó báyìí, báǹkì ò lóore kankan láti ṣe fẹ́ni tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, àbí? Nọ́ńbà kẹta ló máa dá wa lóhùn.

Nọ́ńbà kẹta: kofáríánsì

Èyí ni ká fara balẹ̀ wò dáadáa, torí òun ló ń pinnu gbogbo ẹ̀. Ohun tí kofáríánsì ń bèèrè ni pé nígbà tí báǹkì bá lọ sókè àròpín ẹ̀, kí ni sìmẹ́ǹtì ń ṣe lóṣù yẹn? Ẹ ò ní fi nọ́ńbà ṣe ìlọ́po ara ẹ̀ mọ́, ìyàtọ̀ báǹkì lẹ máa fi lọ́nà ìyàtọ̀ sìmẹ́ǹtì, oṣù sí oṣù.

Oṣù 1, 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20. Àwọn méjèèjì jọ gòkè. Oṣù 2, -7 lọ́nà -1 jẹ́ 7, wọ́n jọ wálẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì ò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Oṣù 3, 3 lọ́nà -5 jẹ́ -15, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, báǹkì gòkè, sìmẹ́ǹtì já wálẹ̀. Oṣù 4 jẹ́ 15, oṣù 5 jẹ́ 14. Oṣù 6, -3 lọ́nà 3 jẹ́ -9, ó tún di pé ọ̀kan wálẹ̀ tí èkejì gòkè. Ẹ rò ó pọ̀, 32 ni. Ẹ pín in sí 5, ó jẹ́ 6.4.

Oṣù 3 àti oṣù 6 yẹn làwọn oṣù tó ń ṣe wá lóore. Níbẹ̀, ohun tẹ́ẹ pàdánù lápá kan, apá kejì ń dá díẹ̀ padà nínú ẹ̀. Ká ní kò sí wọn ni, kofáríánsì ì bá ga ju báyìí lọ, kò sì ní sí ìdí tẹ́ni tó ń sá fún rísíkì á fi fọwọ́ kan báǹkì rárá.

Kọrilẹ́ṣọ̀n táwọn èèyàn sábà máa ń sọ, tó ń fi bí ṣíà méjì ṣe jọ ń rìn tó hàn, inú ibí kan náà ló ti ń jáde. Ẹ pín 6.4 sí 5.76 lọ́nà 3.58, ẹ máa rí nǹkan bíi 0.31. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n, àmọ́ kofáríánsì gan-an la máa fi ṣiṣẹ́.

Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ẹ wá pààrọ̀ wọn

Fọ́múlà tó wà káàkiri rèé, w dúró fún ìwọ̀n tá à ń wá, V fún fáríánsì, C fún kofáríánsì, A ni báǹkì, B ni sìmẹ́ǹtì:

```
wA = (VB - C) / (VA + VB - 2*C)
wB = 1 - wA
```

Èmi ò kì í há a sórí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó ni pé, ẹ yọ kofáríánsì kúrò lára fáríánsì ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù ni wàhálà tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, tí kò bá èkejì pín. Ti báǹkì, 33.2 yọ 6.4, ó ku 26.8. Ti sìmẹ́ǹtì, 12.8 yọ 6.4, ó ku 6.4. Ẹ wá pààrọ̀ wọn, kí báǹkì gba 6.4, kí sìmẹ́ǹtì gba 26.8, torí ẹni tí wàhálà ẹ̀ pọ̀ ni owó tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kéré. Àpapọ̀ jẹ́ 33.2. Báǹkì gba 6.4 nínú 33.2, ìyẹn 0.193. Sìmẹ́ǹtì gba 26.8 nínú 33.2, ìyẹn 0.807. (33.2 yìí àti fáríánsì báǹkì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú àpẹẹrẹ yìí ni, kò ní máa rí bẹ́ẹ̀.)

Báǹkì pasẹ́ǹtì 19.3, sìmẹ́ǹtì pasẹ́ǹtì 80.7. Ó ti jáde nìyẹn.

Ṣé ó wá dín rísíkì kù lóòótọ́? Fáríánsì àpapọ̀, báyìí la ṣe ń ṣe é:

```
VP = wA^2*VA + wB^2*VB + 2*wA*wB*C
```

Tẹ́ẹ bá fi àwọn nọ́ńbà wa sí i, ó jẹ́ 11.57, sikúẹ̀-rúùtù ẹ̀ jẹ́ 3.40. Sìmẹ́ǹtì nìkan, 3.58. Ẹni tó là á sí méjì dọ́gba, fáríánsì tiẹ̀ jẹ́ 14.7, sikúẹ̀-rúùtù ẹ̀ jẹ́ 3.83. Ẹ rí i pé ẹni tó là á sí méjì yẹn, tó rò pé òun ti pín rísíkì, rísíkì tó gbé ju ti ẹni tó kó gbogbo owó sórí sìmẹ́ǹtì lọ.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi ń yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò, mo fẹ́ràn ẹ̀ torí kì í parọ́. Níbi tí rísíkì ti kéré jù lọ, kofáríánsì ṣíà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó sì dọ́gba pẹ̀lú fáríánsì àpapọ̀ náà. Ti báǹkì: 0.193 lọ́nà 33.2, ẹ fi 0.807 lọ́nà 6.4 kún un, ó jẹ́ 11.57. Ti sìmẹ́ǹtì: 0.193 lọ́nà 6.4, ẹ fi 0.807 lọ́nà 12.8 kún un, 11.57 ló tún jẹ́. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ò le. Tí ọ̀kan bá ṣì ń dá kún rísíkì àpapọ̀ ju èkejì lọ, tẹ́ẹ bá mú náírà kan kúrò lórí ẹ̀ tẹ́ẹ gbé e sórí èkejì, rísíkì á tún dín kù, á jẹ́ pé ẹ ò tíì débẹ̀. Ìgbà tí gbígbé náírà láti ibí sí ibẹ̀ ò bá mú nǹkan kan dín kù mọ́ lẹ dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Látorí bébà dé ọ̀dọ̀ bírókà

Pasẹ́ǹtì 19.3 nínú ₦500,000 jẹ́ nǹkan bíi ₦96,400, èyí tó kù jẹ́ bíi ₦403,600. Ká ní ₦40 ni wọ́n ń ta ṣíà báǹkì, ti sìmẹ́ǹtì jẹ́ ₦600. Ẹ máa ra báǹkì 2,410, owó ẹ̀ jẹ́ ₦96,400. Sìmẹ́ǹtì, 672 ni owó yẹn lè rà, ₦403,200, ó ku ₦400 lọ́wọ́ yín. Owó bírókà àtàwọn owó kéékèèké tí wọ́n máa yọ ṣì wà o, ₦400 yẹn ò ní tó o, torí náà ẹ fi nǹkan sílẹ̀ nínú àkáǹtì tàbí kẹ́ẹ dín iye tẹ́ẹ máa rà kù díẹ̀. Ìwọ̀n yín ò ní jẹ́ 19.3 géérégé, kò sì ṣe nǹkan kan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé kò ṣe nǹkan kan ni. Tẹ́ẹ bá fi pasẹ́ǹtì 10 sórí báǹkì dípò 19.3, rísíkì àpapọ̀ jẹ́ 3.44. Tẹ́ẹ bá fi 30, ó jẹ́ 3.46. Èyí tó kéré jù lọ jẹ́ 3.40. Ìsàlẹ̀ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ bí abọ́, èèyàn lè rìn síwá-sẹ́yìn níbẹ̀ kó má fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ẹni tó bá ń jà lórí 19.28 tàbí 19.31 kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ lò

Oṣù mẹ́fà la fọwọ́ ṣe yìí, oṣù 60 ò ṣeé fọwọ́ ṣe jàre. Lórí Excel tàbí Google Sheets, ẹ kó èrè báǹkì sí B2 dé B7, ti sìmẹ́ǹtì sí C2 dé C7, kẹ́ẹ wá tẹ èyí tẹ̀ léra wọn láti E1 dé E4:

```
=VAR.S(B2:B7)
=VAR.S(C2:C7)
=COVARIANCE.S(B2:B7,C2:C7)
=(E2-E3)/(E1+E2-2*E3)
```

E4 gbọ́dọ̀ gbé 0.193 jáde. Tí 0.211 bá jáde, mo mọ ohun tẹ́ẹ ṣe: COVAR lẹ lò, tàbí COVARIANCE.P. Àwọn méjèèjì yẹn, 6 ni wọ́n fi ń pín, wọn kì í yọ ọ̀kan kúrò, VAR.S sì ń fi 5 pín. Kofáríánsì á wá di 5.33 dípò 6.4, ìṣirò á sì dojú rú láìsí pé kọ̀ǹpútà pariwo. Tẹ́ẹ bá fi 6 pín gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 0.193 kan náà lẹ máa rí, torí ohun tẹ́ẹ fi pín wọn máa pa ara ẹ̀ rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ẹ da méjì pọ̀. Ìdí yìí kan náà ni kò fi sí wàhálà nínú kẹ́ẹ sọ ọ́ di ti ọdún kan, tẹ́ẹ bá fi 12 lọ́nà gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n ò ní yí padà.

Tí nọ́ńbà tó jáde bá jẹ́ òdì

Ká ní dípò sìmẹ́ǹtì tí kofáríánsì ẹ̀ jẹ́ 6.4, báǹkì míì lẹ mú, tí fáríánsì tiẹ̀ náà jẹ́ 12.8, àmọ́ tí kofáríánsì wọn jẹ́ 15. Báǹkì méjì sábà máa ń jọ rìn bẹ́ẹ̀, torí tí CBN bá gbé èlé sókè tàbí tó yí òfin kan padà, àwọn méjèèjì ló kàn. Ẹ ṣe ìyọkúrò yẹn: 12.8 yọ 15 jẹ́ -2.2. 33.2 yọ 15 jẹ́ 18.2. Àpapọ̀ jẹ́ 16, ìwọ̀n báǹkì àkọ́kọ́ wá di -0.1375.

Ohun tí òdì yẹn ń sọ ni pé kẹ́ẹ yá ṣíà báǹkì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní i, kẹ́ẹ tà á, kẹ́ẹ fi owó ẹ̀ ra sí i nínú èkejì. Fún èmi àti ẹ̀yin tó ń ra ṣíà lórí fóònù, ìyẹn kì í ṣe ohun tá a lè ṣe. Torí náà òdo lẹ máa fi síbẹ̀, gbogbo owó á lọ sórí èkejì. Kì í ṣe àfojúbù o, bí rísíkì ṣe tẹ́ bí abọ́ yẹn, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá wà lápá òdì, béèyàn ṣe ń rìn láti òdo lọ sókè báyìí, gíga ló ń ga sí i, òdo ló kéré jù nínú ibi tọ́wọ́ wa lè dé.

Béèyàn ṣe máa tètè mọ̀ láìṣe ìṣirò tán: tí kofáríánsì bá ti ju fáríánsì tó kéré nínú méjèèjì lọ, ó ti di òdì. Nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, 6.4 kéré sí 12.8, kò séwu. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kọrilẹ́ṣọ̀n, ẹ pín 3.58 sí 5.76, ó jẹ́ 0.62, tí kọrilẹ́ṣọ̀n àwọn méjèèjì bá ju 0.62 lọ, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ fi báǹkì dín rísíkì sìmẹ́ǹtì kù.

Nọ́ńbà yìí ṣeé gbára lé tó?

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ yọ oṣù 6 kúrò, oṣù kan péré, kẹ́ẹ tún gbogbo ìṣirò ṣe. Fáríánsì báǹkì á di 38.8, ti sìmẹ́ǹtì á di 13.3, kofáríánsì á ti 6.4 fò lọ sí 10.7, ìwọ̀n báǹkì á sì já láti 19.3 bọ́ sí 8.5. Oṣù kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀! Oṣù 6 yẹn wà lára méjì tó ń ṣe wá lóore, ohun tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe sábà máa ń lo oṣù 36 tàbí 60. Kódà pẹ̀lú 60, mo ṣì máa ń ní kéèyàn ṣe ìdánwò yìí: ẹ yọ oṣù tí ìlọ́po ẹ̀ tóbi jù nínú kofáríánsì, ìbáà jẹ́ òdì ìbáà jẹ́ èyí tí kì í ṣe òdì, kẹ́ẹ wo bí ìwọ̀n ṣe máa yí tó. Tó bá yí díẹ̀, ó dáa. Tó bá fò láti 20 lọ sí 60, oṣù kan yẹn lẹ gbára lé, kì í ṣe ìwà àwọn ṣíà náà.

Ní Nàìjíríà, mo mọ oṣù tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Júùnù 2023 ni. Lóṣù yẹn ni CBN jẹ́ kí náírà máa wá iye ara ẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi ₦470 lójú ọjà ìjọba kọjá ₦600 kíákíá. Ẹni tó bá ń fi ṣíà náírà wé owó ìdókòwò dọ́là, tó yí ti dọ́là sí náírà, tí Júùnù 2023 sì wà nínú nọ́ńbà ẹ̀, fáríánsì apá dọ́là ẹ̀ máa tóbi bí ìrókò, oṣù kan ṣoṣo yẹn sì gbé èyí tó pọ̀ gan-an nínú ẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ di iye náírà mú ṣáájú ìyẹn, torí náà àwọn oṣù tó ṣáájú jẹ́ kó jọ pé dọ́là ò lè mira, wọ́n ń parọ́ sí apá kan, Júùnù wá ń parọ́ sí apá kejì. Tèmi ni pé kéèyàn ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kó wá mú ìwọ̀n tó wà láàárín, kó má sì ṣe bíi pé ìṣirò ló pàṣẹ fún un.

Ohun míì tó tún máa ń tan èèyàn jẹ lórí NGX ni ṣíà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rà tàbí tà. Ṣíà kan lè wà ní ₦7.50 fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe pé ó dúró ṣinṣin, kò sẹ́ni tó rà á ni. Lójú ìṣirò, èrè òdo, òdo, òdo, fáríánsì ẹ̀ kéré, kofáríánsì ẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo sún mọ́ òdo, ìṣirò á sì dì mọ́ ọn bíi pé ó rí góòlù, á ní kẹ́ẹ fi pasẹ́ǹtì 90 síbẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ tà á lẹ máa mọ̀ pé iye yẹn ò sí níbì kankan. Tẹ́ẹ bá rí òdo léraléra nínú òpó èrè yín, ẹ lọ wo iye ṣíà tí wọ́n rà lójoojúmọ́ kẹ́ẹ tó tẹ̀síwájú, tó bá kéré jù, ẹ yọ ṣíà náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, kò sí fọ́múlà tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti rà á

Ẹ ti rí i pé a ò lo àròpín èrè fún nǹkan kan nínú fọ́múlà yẹn, àyàfi láti wá ìyàtọ̀. Ìwọ̀n yìí ò mọ̀ bóyá báǹkì ló ń mú owó wọlé jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, àpapọ̀ ń mú bíi pasẹ́ǹtì 2.2 wá lóṣù, báǹkì nìkan ń mú 3. Ẹni tó bá fẹ́ kí èrè ẹ̀ ga sí i máa ní láti gbé báǹkì kọjá 19.3, kó sì gbà pé rísíkì náà á ga. Nígbà tó ti jẹ́ pé ìsàlẹ̀ abọ́ yẹn tẹ́, gbígbé e lọ sí 25 ò ní ná an ní nǹkan púpọ̀.

Ìwọ̀n ò sì ní dúró síbi tẹ́ẹ fi í sí. Ká ní báǹkì di ìlọ́po méjì tí sìmẹ́ǹtì ò kúrò lójú kan, ₦96,400 á di ₦192,800, ìwọ̀n báǹkì á sì di bíi pasẹ́ǹtì 32. Ṣé kẹ́ẹ sáré lọ tà ni? Títà náà ní owó tí wọ́n máa yọ, rírà náà ní. Ẹ fi fáríánsì yẹn ṣe òdiwọ̀n: bí ìwọ̀n bá fi kúrò ní 0.193, iye tó fi kúrò lọ́nà ara ẹ̀ lọ́nà 33.2 (ìyẹn àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fọ́múlà, VA + VB - 2*C) ni fáríánsì tó máa gùn ún. Ní 32, sitáńdáàdì difiéṣọ̀n jẹ́ 3.48, ó ṣì kéré sí 3.58 ti sìmẹ́ǹtì nìkan, ẹ lè fi sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni ìlọ́po méjì ìwọ̀n tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn 38.6 nínú tiwa: abọ́ yẹn dọ́gba lápá méjèèjì, báǹkì òdo wà lókè lápá kan, 38.6 sì wà lókè bákan náà lápá kejì. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó sàn kẹ́ẹ má ní báǹkì rárá ju bẹ́ẹ ṣe ní i lọ, tó bá jẹ́ rísíkì lẹ ń sá fún. Èmi kì í jẹ́ kó débẹ̀, tó bá ti ń lọ sí 35 ni mo ti máa ń tà díẹ̀. Tí dífídẹ́ǹdì bá sì wọlé, sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń fi í rà, torí ìyẹn ń dá ìwọ̀n padà láìjẹ́ pé mo san owó títà.